Ènìyàn àti Ọmọ Ènìyàn: Ta Ló Ń San Owó Rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tó pa iṣẹ́ tì kí ẹ lè wá gbọ́ wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú sùúrù. Alága ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ kọjá wákàtí kan. Mo ti gbọ́. Àmọ́ ẹni tí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ "ènìyàn" lé lọ́wọ́, ẹ má retí pé yóò tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Ìyá àgbà ní ilé kan tí àwọn ayálégbé wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan ń gbé yàrá ìparí tí kì í kí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ń gbá àgbàlá, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Bí wọ́n bá ń dáwó láti gbẹ́ ìdọ̀tí inú kànga, á ní òun kì í pọn omi níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lóru la máa ń gbọ́ garawa rẹ̀. Ìyá àgbà kì í fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà bọpo bọyọ̀. Á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ìyẹn kì í ṣe ènìyàn."

Ní òru ọjọ́ kan, gìrì mú ọmọ ọkùnrin yìí. Ilẹ̀kùn ta ló kàn? Ti ìyá àgbà ni. Ìyá dìde, kò rántí wé gèlè, ó gba ọmọ náà mọ́ àyà, wọ́n sì jọ sáré lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí ìyá wọlé láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi tí kì í lè pa ẹnu mọ́ bi í léèrè pé, "Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ọkùnrin yìí kì í ṣe ènìyàn?" Ìyá àgbà wò ó títí, ó ní: "Mo ní kì í ṣe ènìyàn. Mi ò ní kì í ṣe ọmọ ènìyàn."

Ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú. A óò tún padà pàdé rẹ̀ nínú kóòtù kan lọ́nà jíjìn.

Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì

Kí ni ìyá àgbà ń sọ gan-an? Nínú èdè wa, "ènìyàn" jẹ́ orúkọ ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń sọ̀rọ̀, tí kì í ṣe ẹranko, tí kì í ṣe òrìṣà. Ìyẹn ni ìtumọ̀ kìíní. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà tún jẹ́ oyè. À ń fi í yin ẹni, a sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni. Bí mo bá ní "Lágbájá, ènìyàn ni," ṣé mo ń sọ fún yín pé Lágbájá kì í ṣe ewúrẹ́ ni? Ó tì o. Mo ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ń dé ibi tí ọwọ́ ọmọlúàbí ń dé. Bí mo bá sì ní "àwòrán ènìyàn ni," ẹ ti mọ ohun tí mo wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin kọ nípa èyí ní ọdún 1991. Ó to ohun tí Yorùbá gbà pé ó para pọ̀ di ènìyàn sílẹ̀, ìyẹn ara, ọkàn, ẹ̀mí àti orí, ó sì tọ́ka sí i pé ìtumọ̀ mìíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn, ìtumọ̀ tó jẹ mọ́ ìwà. Àwọn Akan ní Gánà náà ní irú rẹ̀. "Onipa" ni wọ́n ń pe ènìyàn, wọ́n sì lè wo ẹni tó ń jẹ, tó ń mu, tó ń rìn níwájú wọn, kí wọ́n ní kì í ṣe onipa.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí ìhà gúúsù Áfíríkà, níbi tí òwe tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Àwọn Sulu àti àwọn Kósà ní: *Umuntu ngumuntu ngabantu*. Gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ sára aṣọ báyìí, ó sì ti di orin ẹnu àwọn olóṣèlú. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe hun ún. Ọ̀rọ̀ ènìyàn jẹ yọ lẹ́ẹ̀mẹta nínú rẹ̀. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ìtumọ̀ kan, òwe náà kò sọ nǹkan kan. Ènìyàn jẹ́ ènìyàn. Ta ni kò mọ̀? Ìgbà tí a bá fi etí ìyá àgbà gbọ́ ọ ló tó la ẹnu: ọmọ ènìyàn ń di ènìyàn nípasẹ̀ àwọn ènìyàn.

Ẹ tún wo "nga" tó wà níwájú ọ̀rọ̀ ìparí. Òun náà ni wọ́n ń lò bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé mo fi ọ̀bẹ gé ẹran, tàbí mo wọ ọkọ̀ wá. Irinṣẹ́ ló ń tọ́ka sí, ohun tí a fi ṣe nǹkan. Tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́, máa ní: ènìyàn la fi ń di ènìyàn. Kò ní kí a wà *láàárín* àwọn ènìyàn nìkan, torí pé ayálégbé yàrá ìparí náà wà láàárín ènìyàn mọ́kànlá. Ohun tó ń ṣe *sí* wọn àti ohun tí wọ́n ń ṣe *sí* i ni irinṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, àbí? Ó dùn. Ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ ká fura sí i díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ènìyàn la fi ń di ènìyàn, ṣé ènìyàn náà lè kọ̀ kí a má dà á? Ṣé ohun tí ìlú fún mi, ìlú lè gbà á padà?

Àwọn àgbà méjì tí kò gbà fún ara wọn

Àwọn onímọ̀ méjì ló da àríyànjiyàn yìí sílẹ̀ débi tó lápẹẹrẹ. Ìkíní ni Ifeanyi Menkiti, ọmọ Ígbò, ọmọ Nàìjíríà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Wellesley ní Amẹ́ríkà. Akéwì ni pẹ̀lú. Nígbà tó dàgbà, ó ra ilé ìtàwé kan tó jẹ́ pé ewì nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, nǹkan tí mi ò rí oníṣirò kankan tí yóò gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó ṣe. Èkejì ni Kwame Gyekye, ọmọ Gánà, tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Legon. Àwọn méjèèjì papò dà ní ọdún 2019.

Ní ọdún 1984, Menkiti kọ ọ́ pé lójú àwọn Áfíríkà, a kì í bí ènìyàn ní ènìyàn. Ìlú ló ń sọni dà bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni, pé bí ọmọ bá ti ń dàgbà, tó ń gba orúkọ, tó ń gba àṣà, tó ń ru ẹrù tirẹ̀ láwùjọ, bẹ́ẹ̀ ni jíjẹ́ ènìyàn rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ó sì ní ẹnì kan lè kùnà níbẹ̀, bí a ṣe lè kùnà nínú ìdánwò. Ó mú ẹ̀rí wá. Ó ní ẹ wo bí a ṣe ń sin òkú: bí ọmọdé bá kú, ayẹyẹ ìsìnkú rẹ̀ kì í gùn, àmọ́ bí àgbà bá kú, ìlú á dàrú. Ó ní ìdí ni pé ọmọdé kò tíì di ènìyàn tán.

Ibí ni mo ti fẹ́ bá bàbá náà jà díẹ̀, kí ilẹ̀ fi osùn pa á lára. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá a lóhùn. Bí ọmọdé bá kú ní ilé Yorùbá, ṣé torí pé kì í ṣe ènìyàn la ṣe ń yára sin ín? Kí ló dé tí àwọn ará ilé kì í jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá ọmọ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí? Òkú ọ̀fọ̀ ni! Ọgbẹ́ tó jìn ni a kì í tú wò. Bó bá jẹ́ pé ohun tí kò ì di ènìyàn ló kú, kí la fi ibojì rẹ̀ pa mọ́ fún? Ẹ̀rí tí Menkiti mú wá yìí, bí ẹ bá yí i lójú padà, ẹ̀yìn tirẹ̀ gan-an ló ń gbá.

Gyekye ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn bẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ̀wé lé e lórí ní ọdún 1992, ó tún gbé e yẹ̀wò ní 1997. Ó béèrè pé: àgbà tó burú ńkọ́? Gbogbo wa la mọ arúgbó tó gba gbogbo oyè tó wà nílẹ̀, tí ìlú ti sọ orúkọ ojúlé fún, tí ìwà rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ ìgboro lọ. Bí ọjọ́ orí àti ayẹyẹ bá ló ń sọni di ènìyàn, ó yẹ kí irú wọn ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ó tún mú òwe Akan kan wá tó ní ọmọ Onyame, ìyẹn Ọlọ́run, ni gbogbo ènìyàn, kò sí ẹni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀. Ẹ kíyè sí i: iyì tí òwe yẹn ń sọ kò ti ọ̀dọ̀ ìlú wá, nítorí náà ìlú kò lágbára láti gbà á. Ó sì fi òwe mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀, pé ìdílé dà bí igbó: bí a bá dúró lókèèrè, igi inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn; bí a bá súnmọ́ ọn, á hàn pé oníkálukú dúró lórí gbòǹgbò tirẹ̀.

Yorùbá náà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. A máa ń gbàgbé pé àwa kan náà la ní orí la bá bọ, à bá fòrìṣà sílẹ̀. Orí ta ni? Orí tèmi ni, tí mo yàn láìsí ẹbí, láìsí baálé, láìsí ìlú. Àwọn tó ń sọ pé ìlú ni gbogbo nǹkan láàárín wa kò tíì bá oníbọrí jókòó.

Ǹjẹ́ Gyekye sọ pé ìlú kò jámọ́ nǹkan kan? Rárá o. Ó gbà pé inú ìlú la bí ni sí, pé ojúṣe wa sí ara wa kì í ṣe ohun tí a bá fẹ́ la ń ṣe. Ohun tó ní kò dáa ni kí a máa pe ìlú ní ẹlẹ́dàá. Ìlú jẹ́ olùtọ́. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó bí ọmọ, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó tọ́ ọ.

Àbí ẹ rò pé ẹjọ́ àwọn onímọ̀ lásán ni? Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ibi tí ẹ̀mí ti wà lórí tábìlì.

Kóòtù: ẹni tí ìlú fẹ́ kó kú

Ní ọdún 1993, àwọn aṣojú ní Gúúsù Áfíríkà kọ ìwé òfin fún ìgbà díẹ̀ tí yóò mú wọn kọjá láti ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí ìbò gbogbo gbò. Ní ìparí ìwé náà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó ní òye ni orílẹ̀-èdè náà nílò, kì í ṣe ẹ̀san. Àtúnṣe ni, kì í ṣe ìforóyaró. Ubuntu ni, ìyẹn jíjẹ́ ènìyàn tí òwe *umuntu* yẹn ń sọ, kì í ṣe ìfìyàjẹni. Báyìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà ṣe wọ inú ìwé òfin.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dán an wò. Àwọn ọkùnrin méjì ti pààyàn níbi tí wọ́n ti ń digun jalè, kóòtù sì ti dá ikú fún wọn. Ẹjọ́ wọn dé Kóòtù Òfin Ìpìlẹ̀ tuntun. Orúkọ ọ̀kan nínú wọn, Makwanyane, ni wọ́n fi ń pe ẹjọ́ náà títí dòní. Ìbéèrè náà kò gùn: ṣé ìjọba ṣì lè pa ẹni tó pa ènìyàn?

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí irú àkókò tó jẹ́. Ìwà ọ̀daràn pọ̀ káàkiri. Kò sì tíì ju ọdún bíi mélòó kan lọ tí àwọn èrò ìgboro ń fi táyà kọ́ ọrùn ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ó ń ṣe amí fún ìjọba, tí wọ́n á da epo sí i, tí wọ́n á ṣáná sí i. Àwọn aráàlú ló ń ṣe é. Wọ́n ń ṣe é lórúkọ ìlú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni náà kí táyà tó dé ni orúkọ ènìyàn.

Ààrẹ kóòtù náà, Arthur Chaskalson, kò fi òtítọ́ kan pa mọ́. Ó gbà pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Gúúsù Áfíríkà fẹ́ kí ìdájọ́ ikú wà. Bí a bá tẹ̀ lé Menkiti tààrà, kò yẹ kí ẹjọ́ náà gba ọjọ́ kan: ìlú ló ń fúnni ní jíjẹ́ ènìyàn, ìlú sì ti ní òun gbà á lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí. Ó parí.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1995, àwọn adájọ́ mọ́kànlá fẹnu kò pé kí ìdájọ́ ikú fún ìpànìyàn kásẹ̀ nílẹ̀. Mélòó kan nínú wọn, bíi Yvonne Mokgoro, Pius Langa àti Ismail Mahomed, lọ mú ubuntu wá sí ọ̀rọ̀ wọn. Langa sọ ohun kan tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó ní ubuntu ń wo bí a ṣe so mọ́ ara wa àti ojúṣe wa sí ara wa, àmọ́ ó tún gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dá tí ọ̀wọ̀ tọ́ sí láìsí pé ó kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan kó tó gbà á.

Ẹ gbọ́ ìyá àgbà níbẹ̀? *Mi ò ní kì í ṣe ọmọ ènìyàn.* Apànìyàn náà lè máà jẹ́ ènìyàn mọ́ ní ti ìwà. Kóòtù kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ̀wọ̀n gígùn wà fún un. Àmọ́ ilẹ̀kùn tó ń kàn ní òru, a kì í bi ẹni tó ń kàn án léèrè pé báwo ni ìwà rẹ ti rí kí a tó ṣí i.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ẹjọ́ náà ni pé ọ̀rọ̀ tó ní ènìyàn la fi ń di ènìyàn ni wọ́n fi dáàbò bo ẹyọ ẹnì méjì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan ní ìyẹn kò bọ́gbọ́n mu, pé báwo ni a ó ṣe fi ọ̀rọ̀ ìlú bá ìlú jà. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Èrò tó péjọ ní ìta yàtọ̀ sí ìlú. Ìlú ni ojúṣe tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wa. Èrò kan tó ti pinnu pé òun kò jẹ ẹnì kan ní gbèsè kankan mọ́ ti jáwọ́ nínú jíjẹ́ ìlú sí ẹni náà.

Opó tí wọ́n ní kó fara dà á

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ẹ óò pàtẹ́wọ́, ẹ óò sì máa rò pé ubuntu kò ní àbùkù. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Steve Biko, ajìjàgbara tó ta ko ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Gúúsù Áfíríkà, kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1977. Àwọn ọlọ́pàá ti lù ú ní Port Elizabeth títí tí orí rẹ̀ fi dàrú. Wọ́n gbé e ní ìhòòhò sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n wà á lọ sí Pretoria, ó ju 1,000 kìlómítà lọ. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó fi kú.

Nígbà tí ìjọba tuntun dé, wọ́n ṣòfin ní ọdún 1995 tó dá Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà sílẹ̀. Ẹni tó bá hùwà ìkà nítorí òṣèlú, tó bá wá jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe láìfi nǹkan kan pa mọ́, lè gba ìdáríjì. Kò pọn dandan kó sunkún. Kò pọn dandan kó bẹ̀bẹ̀ pàápàá. Bó bá ti gba ìwé ìdáríjì náà, ẹnikẹ́ni kò lè gbé e lọ sí kóòtù mọ́, yálà láti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n tàbí láti gba owó ìtánràn, wọn kò sì lè pe ìjọba tó rán an níṣẹ́ lẹ́jọ́.

Ntsiki Biko, opó Biko, pẹ̀lú àwọn ẹbí mìíràn tí wọ́n pa ènìyàn wọn, ní àwọn kò gbà. Wọ́n lọ sí Kóòtù Òfin Ìpìlẹ̀ kan náà. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ àwọn ni kí adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ àwọn. Ní oṣù keje ọdún 1996, kóòtù dá wọn lẹ́bi. Ismail Mahomed ló kọ ìdájọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn tó fi ubuntu ta ko ìdájọ́ ikú ní ọdún tó ṣáájú. Ibi tó sì ti gbé ẹsẹ̀ lé ni ọ̀rọ̀ ìparí ìwé òfin yẹn gan-an: òye, kì í ṣe ẹ̀san, ubuntu, kì í ṣe ìfìyàjẹni. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìrora wọn. Ó ní bí ìdáríjì kò bá sí, àwọn oníṣẹ́ ibi kò ní la ẹnu, òtítọ́ á sì kú sí wọn nínú.

Ẹ wò ó. Ọ̀rọ̀ kan náà, kóòtù kan náà, láàárín ọdún kan àti díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dáàbò bo ẹni tí kò lágbára. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé ẹrù ìlàjà gbogbo orílẹ̀-èdè lé orí opó.

Ṣé kóòtù ṣàṣìṣe? Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ bẹ́ẹ̀. Ìlàjà ní iye tó ń náni, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ san án. Ìbéèrè tèmi ni: ta ni? Ìdáríjì tọ̀sí ìlú gbogbo, ìlú gbogbo ló sì jẹ opó ní gbèsè. Ìgbìmọ̀ náà dábàá owó ọdọọdún fún ọdún mẹ́fà fún àwọn tí wọ́n ṣe níkà, wọ́n sì dábàá owó orí lórí àwọn ọlọ́rọ̀ tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà sọ di ọlọ́rọ̀. Owó orí náà kò wáyé. Ní ọdún 2003, ìjọba san ráńdì 30,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lára àwọn tí ìgbìmọ̀ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán. Àwọn ọlọ́pàá tó wà nídìí ikú Biko béèrè ìdáríjì, wọ́n sì kọ̀ ọ́ fún wọn ní 1999, nítorí pé ìtàn tí wọ́n sọ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Títí di 2003 tí àwọn agbófinró ní ẹ̀rí kò tó, wọn kò gbé wọn lọ sí kóòtù.

Òtún wẹ òsì, òsì wẹ òtún, lọwọ́ fi ń mọ́. Níbí, òsì ti wẹ òtún. Òtún ti nu ara rẹ̀ gbẹ.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní "ìwọ náà rántí pé ènìyàn la fi ń di ènìyàn," mo máa ń tẹ́tí gbọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ sí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Bó bá jẹ́ ọ̀gá ló ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ tó béèrè owó oṣù, bó bá jẹ́ ẹbí ọkọ ló ń sọ ọ́ fún ìyàwó tó ní ojú wọ́n ń pọ́n òun, mo máa ń dúró kí n wò bóyá ẹnì kan á yíjú ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀gá, sí ẹbí ọkọ. Bí kò bá sẹ́ni tó lè yí i, bó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni ojúṣe náà ń gbà, tí ẹni tí wọ́n ń rọ̀ kò sì láyè láti fèsì, kì í ṣe òwe Sulu ni wọ́n ń pa mọ́. Àṣẹ ni, wọ́n kàn fi aṣọ ìbílẹ̀ wọ̀ ọ́ ni.

Èrò 1,600 àti ènìyàn 68

Alága ń wo aago. Ẹjọ́ kan ló kù, kò sì gùn.

Nígbà tí wọ́n kọ ìwé òfin wọn tó wà títí dòní ní 1996, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ubuntu kúrò. Àwọn adájọ́ kò gbàgbé rẹ̀ ṣá. Ní 2004, ẹjọ́ kan ti Port Elizabeth wá, ìlú kan náà tí wọ́n ti lu Biko. Àwọn ènìyàn 68, ọmọdé 23 nínú wọn, kọ́ ahéré 29 sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní àdúgbò kan tí à ń pè ní Lorraine. Àwọn kan ti lo ọdún méjì níbẹ̀, àwọn kan ti lo mẹ́jọ. Àwọn ará àdúgbò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ lé wọn. Ènìyàn 1,600 ló fọwọ́ sí i, àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba ìbílẹ̀ gbé wọn lọ sí kóòtù.

Àwọn olùgbé ahéré náà ní àwọn kò kọ̀ láti kúrò, bí wọ́n bá fún àwọn níbi tó dáa tí àwọn lè lọ. Ìjọba ní kí wọ́n lọ sí Walmer. Wọ́n ní ibẹ̀ ti kún jù, ìwà ọ̀daràn sì pọ̀ níbẹ̀, pé wọ́n tún lè wá lé àwọn níbẹ̀ lọ́la.

Ṣé ẹ rí i pé ìlú méjì ló wà níbí? Àwọn 1,600 ń pe ara wọn ní àdúgbò. Àwọn 68 náà ti ń gbé àdúgbò yẹn, àwọn ọmọ wọn sì ń lọ sí ilé ìwé níbẹ̀.

Adájọ́ Albie Sachs ló kọ ìdájọ́ náà. Ó mú ubuntu wá, pé ó so ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ ìgbé ayé àjùmọ̀gbé. Kò sọ fún àwọn onílẹ̀ pé ilẹ̀ wọn ti di ti gbogbo ayé. Ohun tó wò ni bí wọ́n ṣe dé kóòtù. Ó ní àwọn wọ̀nyí ti pẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tó fi hàn pé ó nílò ilẹ̀ náà fún nǹkan kan ní kíákíá, ìjọba ìbílẹ̀ kò sì gbìyànjú tó láti mọ ìṣòro wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní wọn kò wá alárinà tí yóò mú tọ̀tún tòsì jókòó kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ìwé ìpẹ̀jọ́. Wọn kò lé wọn.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ní ìfọwọ́sí 1,600, mo máa ń ronú nípa rẹ̀. Ẹnì kan rìn láti ilé dé ilé kó tó gba gbogbo rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn, ó kí wọn, ó ṣàlàyé, ó na bírò sí wọn. Ahéré 29 ni kò kàn.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Mo rí àwọn ọwọ́ tó ti wà lókè láti ìgbà tí mo ti ń bá Menkiti jà. Ìyá tó wà lápá òsì yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀.